Ibi Tí Ojú Ayánilówó Ń Kọ́kọ́ Lọ Nínú Ìwé Ètò Òwò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín tó wà níbí ló ti kọ ìwé ètò òwò rí, tàbí tó ti sanwó fún ẹni tó bá a kọ ọ́. Ẹ gbé e lọ bá ayánilówó, wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí ẹ máa lọ ná, àwọn á pè yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Èmi náà ti jókòó nídìí tábìlì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ mi sì ni kí n ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí n béèrè ìbéèrè, kí n wá sọ fún àwọn ọ̀gá mi bóyá ká yá onítọ̀hún lówó tàbí ká má yá a.

Mo máa dárúkọ iye owó bí a ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé owó orílẹ̀-èdè báyìí ni. Kí olúkúlùkù fi owó tó ń ná sí i, kó fi ẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù tì í lẹ́yìn bó ṣe bá òwò rẹ̀ mu. Ìṣirò náà kò ní yí padà.

Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ìtàn bí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, àwòrán ọ̀gá, àlàyé nípa bí àwọn oníbàárà ṣe pọ̀ tó lágbàáyé, gbogbo ìyẹn lè dúró. Ohun mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń wá: èló lẹ fẹ́ yá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, inú owó wo lẹ ó sì ti máa san án padà? Mo ti rí ìwé tó tó ogójì ojú ewé tí ìdáhùn sí ìkẹta yẹn kò sí níbì kankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń ka ìwé bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ẹ jẹ́ ká ní ayánilówó yá yín ní 600. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí ohun tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ ó sì fi oṣù 24 san án. Ojú owó àti èlé pọ̀, ẹ ó máa san 30 lóṣù. Tí ẹ bá san án tán, ó di 720. Ohun tó jẹ́ ti ayánilówó nínú rẹ̀ ni 120, inú rẹ̀ náà ló sì ti máa san owó òṣìṣẹ́, tó ti máa fún àwọn tó fi owó pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní èlé tiwọn. Bí òwò yín bá gbèrú dé ibi tí ẹ kò rò rárá, 120 náà ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo 600 ló wà nínú ewu. Èèyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ san gbèsè wọn pé kí èlé wọn tó dí ihò tí ẹnì kan ṣoṣo dá sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tó dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ bá yín dá òwò pọ̀ fi lè má dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ yá yín lówó. Ẹni tó bá yín dá òwò pọ̀ yóò bá yín jẹ nínú èrè ńlá, nítorí náà ibi tí òwò lè gòkè dé ló ń wò. Ayánilówó kò ní ìpín níbẹ̀. Ibi tí òwò ti lè kọsẹ̀ ló ń wá, bó bá sì rí i, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà ti rí i ṣáájú òun.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan, ká jọ kà á. Oníṣòwò kan ní ilé ìtẹ̀wé kékeré. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń tẹ ìwé ìpè, ìwé ìléwọ́ àti káàdì, wọ́n sì ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó ń tà tó 100 lóṣù. Ilé iṣẹ́ ńlá méjì wá bá a pé àwọn fẹ́ máa gbé iṣẹ́ tó tó 60 fún un lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ní kò lè ṣe é. Ẹ̀rọ tuntun tó lè ṣe é jẹ́ 800. Ó ní 200 lọ́wọ́, ó sì fẹ́ yá 600 tó kù.

Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ rèé. Títà máa di 160 lóṣù. Bébà, yíǹkì àti ohun èlò tó kù ń gba 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó bá tà, ìyẹn 88. Owó òṣìṣẹ́, owó ilé, iná àti àtúnṣe ẹ̀rọ jẹ́ 27. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 45, bẹ́ẹ̀ 30 ló fẹ́ san lóṣù. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ló máa ń fẹ́ kí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó tó 1.2 tàbí 1.25 lọ́nà ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lóṣù, kí nǹkan díẹ̀ lè wà tí yóò gba ìkọsẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ 1.5. Bí ẹ bá fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní ìwé yìí, yóò kọ "mo fọwọ́ sí i" sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ máa béèrè ìbéèrè kékeré kan lákọ̀ọ́kọ́: kí ni ìwọ fúnra rẹ ń jẹ? Kò sí i nínú ìwé. Owó òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ọ̀gá, owó ilé tó ń gbé, oúnjẹ rẹ̀, kò sí ọ̀kankan. Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Bó ṣe ń mú owó nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tó bá nílò rẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé kò ka ìyẹn mọ́ ìnáwó. Tí wọ́n bá jókòó tì í, tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 8 lóṣù. 45 ti di 37. Ìdíwọ̀n ti bọ́ láti 1.5 sí 1.23. Ó ṣì fi díẹ̀ kọjá 1.2, ṣùgbọ́n kò tó 1.25 mọ́.

Ìbéèrè kejì ló ń pa ọ̀pọ̀ ìwé: ọjọ́ wo gan-an ni owó náà ń wọlé? Àwọn tó ń wá tẹ káàdì ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ńkọ́? Ó wà nínú lẹ́tà wọn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá: a ó sanwó ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí a bá gba iṣẹ́. Àwìn oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó ń ta bébà ní tirẹ̀ kì í ta àwìn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi oṣù kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀ bí olùyẹ̀wò ṣe máa fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ní oṣù kìíní, ilé ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́ 160, ṣùgbọ́n 100 péré ló wọlé, nítorí 60 tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tó jáde jẹ́ 88 fún ohun èlò, 27 fún ìnáwó ilé iṣẹ́, 8 fún ọ̀gá. Ó di 123. Ó ti fi 23 gbẹ̀yìn kí a tó dárúkọ gbèsè. Kó san 30 ti ayánilówó, ó fi 53 gbẹ̀yìn. Oṣù kejì, 53 mìíràn. Oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ní òpin oṣù kẹta, ihò tó wà nínú àpò jẹ́ 159.

Ní oṣù kẹrin, àwìn oṣù kìíní wọlé, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. 160 wọlé, 123 jáde, 30 lọ sọ́dọ̀ ayánilówó, 7 ló kù. Ẹni tó ń fi 7 dí ihò 159 lóṣooṣù á fi bí oṣù mẹ́tàlélógún dí i, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo àkókò tó fi fẹ́ san gbèsè náà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbí yìí díẹ̀, torí ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nìyí. Òwò yìí ń jèrè. Bí ẹ bá kó ìwé rẹ̀ fún oníṣirò, yóò sọ fún yín pé láti oṣù kìíní ló ti ń jèrè. Kò sí jìbìtì nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí wọn ò rí, kò sí oníbàárà tó kọ̀ láti san. Gbogbo nǹkan lọ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, síbẹ̀ kò ní lè san owó oṣù kìíní, àyàfi tó bá yá owó níbòmíràn. Bí ìwé bá fi èrè hàn láìfi ọjọ́ tí owó wọlé hàn, olùyẹ̀wò kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè fi dá ara rẹ̀ lójú.

Ẹ sì wo bó ṣe máa rí tí wọ́n bá yá a láìṣírò èyí. Ní oṣù kejì, kò rí owó ra bébà tó. Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ pẹ́, àwọn náà ní kò sí ìdí tí àwọn fi máa sanwó lọ́jọ́ tí àwọn dá, 90 ọjọ́ sì di 120. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ihò náà di 212, oṣù mẹ́rin lọ́nà 53. Lọ́dọ̀ ayánilówó, ohun tó kọ́kọ́ hàn ni pé 30 tó yẹ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀: 12 lónìí, 10 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyókù pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Olùyẹ̀wò tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀mejì rí ni yóò máa béèrè ọjọ́ tí owó ń wọlé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn ìṣirò, olùyẹ̀wò á kó ìwé àkáǹtì báńkì ti oṣù méjìlá tó kọjá, á sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó ń súni ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń sọ òótọ́ jù. Oníṣòwò wa ní òun ń tà 100 lóṣù. Ìwé báńkì fi hàn pé 112 ló ń wọlé lóṣù, tí a bá pín in dọ́gba. Ó ju ohun tó sọ lọ, àbí? Ẹ má tíì yọ̀. Olùyẹ̀wò á máa fi bírò pa àwọn owó tí kì í ṣe owó títà: 20 lóṣù ń wá láti inú àkáǹtì mìíràn tó jẹ́ ti oníṣòwò náà fúnra rẹ̀, ó sì máa ń padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. 8 jẹ́ owó tí ẹbí fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tó kù jẹ́ 84.

Owó tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àkáǹtì ẹnì kan náà wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù, torí àwọn kan ń dìídì ṣe é kí òwò wọn lè dà bí èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní ìdí tó tọ́, nítorí náà ìbéèrè ni a máa ń kọ́kọ́ béèrè, a kì í fẹ̀sùn kàn án. Tirẹ̀ ni pé inú àkáǹtì kejì ló ti ń san owó òṣìṣẹ́. Ó dára. Àmọ́ 16 ṣì wà láàárín 84 àti 100. Ó ní owó tó wọlé lọ́wọ́ ni, tí òun fi ra bébà láìgbé e dé báńkì. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?

Bébà ló máa sọ. Bí ohun èlò bá ń gba 55 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń tà, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà 100 gbọ́dọ̀ máa ra nǹkan bí 55 lóṣù. Olùyẹ̀wò á ní kó kó rìsíìtì bébà àti yíǹkì wá, á ṣírò wọn, á sì tún pe ẹni tó ta á fún un. Tí àròpọ̀ rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 55, òótọ́ ló sọ. Tí ó bá jẹ́ 35 ló rà, kò lè ti inú rẹ̀ tà ju 64 lọ, ohunkóhun tí ìwé títà bá wí. Bí a ṣe ń fi ohun tó wọ ilé iṣẹ́ díwọ̀n ohun tó jáde níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń ba ìwé jẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń tún ìwé títà kọ kó lè wu ayánilówó, wọ́n á sì gbàgbé rìsíìtì ohun èlò, owó iná àti iye òṣìṣẹ́. Tirẹ̀ jẹ́ òótọ́. Rìsíìtì rẹ̀ jẹ́ 54 àti díẹ̀.

Ìwé báńkì tún sọ ohun kan tí kò sí nínú ìwé ètò. Nínú ìwé ètò, oṣù méjèèjìlá rí bákan náà, 160, 160, 160, títí dé ìsàlẹ̀. Nínú ìwé báńkì, oṣù tó dára dé 130, èyí tó burú já wálẹ̀ sí 70. Ìlà tó tẹ́jú báyìí jẹ́ àmì fún olùyẹ̀wò pé ẹnì kan kọ nọ́mbà kan, ó sì dà á kọ sí ibi tó kù. Ó wá ṣírò oṣù tó burú jù: 70 ti àwọn oníbàárà àtijọ́, 60 ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó di 130. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, nǹkan bí 24 ló kù, 30 sì ni gbèsè. Oṣù bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìwá.

Mo ti dárúkọ lẹ́tà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Lẹ́tà méjì lè jọra lójú, kí wọ́n jìnnà síra. Ọ̀kan sọ pé "inú wa dùn sí iṣẹ́ yín, a ó sì rántí yín." Èkejì sọ iye ìwé tí wọ́n fẹ́, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, àti ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó. Èkejì nìkan ni olùyẹ̀wò ń kà mọ́ owó. Síbẹ̀, á tún dín in kù fúnra rẹ̀ láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí iṣẹ́ tuntun bá jẹ́ 40 dípò 60, ohun tó kù lóṣù lẹ́yìn ìnáwó àti owó ọ̀gá jẹ́ 28. Kò tó 30. Ìyẹn ni pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí kò bá wá, gbèsè kò ṣeé san. Á kọ ìyẹn sílẹ̀, á fi àmì sí i.

Nípa 200 tó ní òun ní lọ́wọ́, ìwé báńkì fi hàn pé ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó gbé ìwé wá. Ibo ló ti wá? Ìdí tí a fi ń béèrè ni pé owó oníṣòwò nínú òwò ló ń fi hàn pé òun náà ní nǹkan tó lè sọnù. Bí 200 náà bá jẹ́ owó tó yá níbòmíràn, tó sì ń san 10 padà lóṣù lórí rẹ̀, 37 ti di 27, ìṣirò sì ti bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò wa mú ìwé ilẹ̀ tó tà wá, orúkọ ẹni tó rà á wà níbẹ̀, iye owó àti ọjọ́ sì bá ti báńkì mu. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àmì kan wà tí kì í sí nínú ìwé rárá, inú ọ̀rọ̀ ẹnu ló ti ń jáde. Wọ́n bi ẹnì kan pé èló lo nílò. Ó ní 600. Wọ́n ní bóyá 400 ló máa ṣeé ṣe. Ó ní 400 náà dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tó jẹ́ 800 ńkọ́? Ibo ni 200 tó kù ti máa wá? Ẹni tó bá yára gba iye tó kéré láìbéèrè ohunkóhun ti jẹ́ ká mọ̀ pé owó lásán ló ń wá, tàbí pé gbèsè kan wà níbòmíràn tó ń lé e. Mo bọ̀wọ̀ fún oníṣòwò tó bá sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, 400 kò ní ra ẹ̀rọ yìí, mi ò sì fẹ́ gbèsè tí kò ní bí nǹkan kan." Bákan náà, ẹni tí kò lè ṣàlàyé nọ́mbà inú ìwé rẹ̀, tó ń wo ẹni tó bá a kọ ọ́ lójú, kò ní rí owó gbà. Kò burú kí ẹlòmíràn báni kọ ọ́. Ohun tó burú ni kéèyàn má mọ ìdí tí 55 fi jẹ́ 55.

Ní oṣù December ọdún 1912, ìgbìmọ̀ kan ti ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bi J. P. Morgan, àgbà oníbáńkì, bóyá owó tàbí dúkìá tí èèyàn ní ni wọ́n fi ń yá a lówó. Ó dáhùn pé ìwà èèyàn ló ṣáájú owó àti dúkìá. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ dídùn lásán, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wa, ó ní ohun tó ṣeé dì mú. À ń wo bí ẹ ṣe san gbèsè àtẹ̀yìnwá. Àwọn baba wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà, ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an lónìí tí àkọsílẹ̀ gbèsè wà káàkiri. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí kò kọsẹ̀ rí là ń wá. Ẹni tó pẹ́ láti san ní oṣù méjì, tó wá sọ fún ayánilówó ṣáájú, tó sì san án tán, sàn lójú mi ju ẹni tí kò yá owó rí lọ. Ohun tí kò ní àtúnṣe ni gbèsè tí wọ́n fi pa mọ́, tí àwa fúnra wa wá rí.

Ẹ ó ti máa rò pé mo gbàgbé ohun ìdúró. Àwọn èèyàn máa ń gbé ìwé ilé wá bíi pé òun ni ìwé ètò. Ìkẹyìn ni olùyẹ̀wò ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ohun ìdúró, oníṣòwò sì dẹ́kun sísan lẹ́yìn oṣù kẹta. Nǹkan bí 536 ló ṣì kù nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ra ní 800, tí wọ́n wá ń fi ìkánjú tà lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó, lè má mú ju 400 wá, ẹjọ́ sì lè ti jẹ oṣù púpọ̀. Ohun ìdúró ń dín àdánù kù ni. Kò lè sọ ètò tí kò ṣeé san di èyí tó ṣeé san.

Kí wá ni olùyẹ̀wò máa ṣe sí ìwé yìí? Olùyẹ̀wò tí kò ní sùúrù á dá a padà. Èmi ò ní dá a padà, torí òwò náà dára, àkókò ló dà rú. Ohun tí mo máa bá oníṣòwò sọ ni pé kó padà lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n máa san ìdajì owó iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì tó kù lè dúró di 90 ọjọ́. Ẹ̀rọ yìí sì máa ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi fún gbèsè rẹ̀ mọ́ oṣù 24. Ẹ jẹ́ kó di 36, kó sì jẹ́ èlé nìkan, ìyẹn 9 lóṣù, ni yóò máa san ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tó yí padà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 130 ń wọlé, 123 ń jáde, 9 jẹ́ èlé. 2 péré ló ń fi gbẹ̀yìn lóṣù. Ihò tó jẹ́ 159 tẹ́lẹ̀ ti di 6. Láti oṣù kẹrin, owó oṣù jẹ́ nǹkan bí 23. 37 bo ó dáadáa. Bí iṣẹ́ tuntun bá jẹ́ 40 dípò 60, 28 tó kù ṣì tó 1.2 lọ́nà rẹ̀. Kódà ní oṣù tó burú jù, tí ohun tó kù jẹ́ 24, ó ṣì fi orí já a. Ohun tó ná an ni pé gbogbo èlé tó máa san á di nǹkan bí 192 dípò 120, mo sì máa sọ ìyẹn fún un lójúkorojú kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ni a ó san owó náà fún tààrà, oníṣòwò yóò sì máa fi àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pẹ́.

Arákùnrin kan ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ìdajì owó. Ó ní tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá kọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ní àwọn kì í san ohunkóhun ṣáájú? Ìbéèrè gidi ni, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa kọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, 100 ló ń wọlé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 123 ń jáde, 9 jẹ́ èlé, ó ń fi 32 gbẹ̀yìn lóṣù. Ní òpin oṣù kẹta, ihò náà jẹ́ 96. Ìyẹn kì í ṣe owó ẹ̀rọ, nítorí náà a kì í tì í mọ́ gbèsè ẹ̀rọ. Owó àwìn ni, gbèsè kúkúrú ló sì yẹ ẹ́: bíi 100, tí a ó máa fún un díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbé iṣẹ́ fún wọn, lórí ìwé tí wọ́n fi gba iṣẹ́ náà. Láti oṣù kẹrin, 14 ló ń kù lóṣù lẹ́yìn tó bá san owó ẹ̀rọ. Tí a bá ka èlé mọ́ ọn, á fi bí oṣù mẹ́jọ san án tán. Ẹ kọ 100 yẹn sínú ìwé yín fúnra yín, ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí ẹ máa nílò rẹ̀ àti oṣù tí ẹ máa san án tán, kí olùyẹ̀wò má bàa jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i.